Kí Àbúrò Má Baà Dáhùn "Ẹ Ṣé Mà" Lásán

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB gbé èsì ìdánwò àṣewọlé yunifásítì jáde kí kálukú lè wo tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé Yorùbá mọ irú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n á máa fi ránṣẹ́ sí àbúrò lórí Wasáàpù lálẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí máàkì kò bá tó: o ò kàwé ni, fóònù lo gbájú mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù náà, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, dúró níwájú àwọn oníròyìn l'Ábùjá, ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ti wọ inú iṣẹ́ àwọn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ló kàn, ní ìpínlẹ̀ Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Wọ́n ní kí wọ́n wá tún un ṣe.

Ìdánwò ṣeé tún ṣe. Ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì ńkọ́? Ọmọ tó jókòó sí Ìkòròdú ti lè gbọ́ pé ọ̀lẹ ni òun, lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn jù nínú ilé, kó tó hàn pé kì í ṣe òun ló jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ ló mú ẹ̀gbọ́n kọ̀wé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹni kò bá jẹ lọ́kàn kì í fi òru kọ ìwé gígùn síni. Ibi tí nǹkan ti wọ́ ni pé ó dájọ́ kó tó béèrè, ó sì pe ìdájọ́ náà ní ìmọ̀ràn.

Deborah Tannen, onímọ̀ èdè ní Yunifásítì Georgetown l'Amẹ́ríkà, fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún lẹ́nu wò nípa àwọn àti ọmọ ìyá wọn obìnrin, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2009. Ohun kan tó tẹnu mọ́ ni pé ìmọ̀ràn láàárín ọmọ ìyá máa ń jẹ́ iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ jẹ mí lógún, ó tún ń sọ pé ohun tí ò ń ṣe kò dáa tó. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á máa gbọ́ èyí àkọ́kọ́, ẹni tí wọ́n ń sọ fún á máa gbọ́ ìkejì, kò sì sí ẹni tó ń parọ́ nínú wọn.

Nílé tiwa, ó tún le díẹ̀ sí i, nítorí àbúrò kì í bá ẹ̀gbọ́n jiyàn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kódà bí ọdún méjì péré bá wà láàárín wọn, "Sísítà mi" tàbí "Bùrọ̀dá mi" ni yóò pè é, "ẹ" ni yóò sì máa fi bá a sọ̀rọ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá dùn ún, kò ní sọ pé ẹ rí mi fín. Ohun tí yóò kọ ni "Ẹ ṣé mà. Mo ti gbọ́ mà." Ẹ̀gbọ́n á kà á, inú rẹ̀ á dùn pé ọmọ gbọ́ràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ yẹn kò ju ọ̀nà tó ní ọ̀wọ̀ láti parí ìjíròrò lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tú u palẹ̀. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, wà lọ́dọ̀ àwọn òbí wọn l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Ìgbà kejì rẹ̀ nìyí tó ń ṣe JAMB, ó ń wá ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì gba 187 nínú 400. Ẹ̀gbọ́n gbé fóònù, ó kọ báyìí:

"Mo ti rí máàkì ẹ. Ó dùn mí dọ́kàn. Ṣebí mo sọ fún ẹ láti oṣù kẹwàá pé kí o gbé fóònù yẹn sílẹ̀, o ò gbọ́. Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí ẹ, àtùpà ni mo fi ń kàwé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì ṣe é. O gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní lẹ́sìn, kí o yí kọ́ọ̀sì padà, kí o sì yéé bá àwọn ọmọ àdúgbò yẹn rìn. Màmá ò sùn lánàá nítorí ẹ. Ire ẹ ni mò ń wá. Ronú o."

Kò sí èébú kankan níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kà á á ní ẹ̀gbọ́n dáadáa nìyí. Ṣùgbọ́n kí àbúrò jókòó, kó wo ohun tó lè ṣe lọ́la nínú gbogbo rẹ̀. Oṣù kẹwàá ti kọjá. Àtùpà ẹ̀gbọ́n kì í ṣe tirẹ̀. Oorun Màmá kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò, ẹ̀sùn ni wọ́n jẹ́, ẹ̀gbọ́n kò sì wí bí wọ́n ṣe ba máàkì jẹ́. Lẹ́sìn àti ìyípadà kọ́ọ̀sì nìkan ló kù, àwọn náà sì fara pamọ́ sáàárín ẹ̀sùn. Gbólóhùn tó ní ìfẹ́ nínú, "ire ẹ ni mò ń wá", ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, lẹ́yìn tí ọkàn ọmọ ti pa dé.

Ohun tó burú jù nínú ìwé yẹn, lójú òǹkọ̀wé yìí, ni "ṣebí mo sọ fún ẹ". Ẹni tó kọ ọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀: òun ló rí i tẹ́lẹ̀, òun ló gbọ́n. Tí a bá yọ ọ́, kò sí ohun tí àbúrò pàdánù. "Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí ẹ" náà kò yàtọ̀. Ìtàn ẹ̀gbọ́n lè wúlò, àmọ́ ibi tí ẹ̀gbọ́n ti ṣubú ló máa ń wúlò, kì í ṣe ibi tó ti yege lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí wọ́n bá sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, ohun tó sábà máa ń ṣe ni kó fi oyin sí i. Á tún un kọ: "Àbúrò mi àtàtà, ọmọ tó mọ̀wé, Ọlọ́run mọ ìdí rẹ̀, má bọkàn jẹ́. Ṣùgbọ́n..." Lẹ́yìn "ṣùgbọ́n", gbogbo ohun tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ á tún jáde bó ṣe rí. Àbúrò kì í ṣe òmùgọ̀. Tó bá ti gbọ́ ìyìn méjì tó tẹ̀ léra wọn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n tí kì í yìn ín, ó ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí wọ́n bá ṣe é fún un lẹ́ẹ̀mẹta, ìyìn gidi pàápàá á máa já a láyà.

Nítorí náà, ibi tí àtúnkọ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè kan tí ẹ̀gbọ́n máa bi ara rẹ̀: kí ni mi ò tíì mọ̀? Nínú àpẹẹrẹ yìí, ohun tí kò mọ̀ pọ̀. Èsì JAMB máa ń fi máàkì iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọgọ́rùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n kò tíì béèrè wọn. Àpapọ̀ nìkan ló rí, orí àpapọ̀ ló sì ti fa ìwà ọmọ yọ.

William Miller, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá l'Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1983 lórí bí a ṣe ń bá àwọn tí ọtí ti di bárakú fún sọ̀rọ̀. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà kan ti jáde tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ń lò títí dòní: kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹni náà ti mọ̀, gba ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti sọ tìrẹ, sọ ọ́ ní ṣókí, kí o tún béèrè bó ṣe rí i. Ó wúlò nínú ilé náà, àyàfi ibì kan. Bí ẹ̀gbọ́n bá kọ ọ́ pé "ṣé mo lè gbà ẹ́ nímọ̀ràn?", kí ni àbúrò Yorùbá fẹ́ sọ? Kò lè kọ "rárá" sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìbéèrè tí kò ní ju ìdáhùn kan lọ, àṣẹ ni. Ohun tó ṣeé bi í ní tòótọ́ ni ìgbà: "Ṣé lálẹ́ òní ni àbí ká fi í di Sátidé?" Ibẹ̀ ni ààyè wà fún un láti yàn, tí ọ̀wọ̀ kò sì ní bàjẹ́.

Pẹ̀lú ìyẹn lọ́kàn, ẹ̀gbọ́n tún ìwé rẹ̀ kọ. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó fọ́ ọ sí mẹ́ta, kò sì fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tí èsì jáde kò ní ìmọ̀ràn kankan nínú:

"Mo rí máàkì yẹn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ò ń retí nìyẹn, ó dun èmi náà. A ò ní sọ̀rọ̀ JAMB lónìí. Ṣé o ti jẹun?"

Ó tó. "Ṣé o ti jẹun?" ń ṣe ohun tí "ire ẹ ni mò ń wá" kò lè ṣe, nítorí a kì í bi ẹni tí a ń bá wíjọ́ bóyá ó ti jẹun. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìkejì wọlé:

"Tí ara bá ti balẹ̀, fi máàkì iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn mí, ká jọ wò ó. Ṣé lálẹ́ òní ni àbí Sátidé ló máa rọ̀ ẹ́ lọ́rùn?"

Àbúrò yan Sátidé. Nígbà tó fi máàkì ránṣẹ́, báyìí ló rí: Gẹ̀ẹ́sì 52, físíìsì 56, báọ́lọ́jì 41, kẹ́mísìrì 38. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ padà pé, "Kẹ́mísìrì ló fà á sẹ́yìn jù. Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?" Ìdáhùn tó gbà kò sí nínú gbogbo ohun tó ti rò tẹ́lẹ̀: "Àkókò ló tán mà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ mi. Nígbà tí mo fi máa dé kẹ́mísìrì, ó ku díẹ̀ kí ẹ̀rọ tì. Mi ò ka ọ̀pọ̀ ìbéèrè ibẹ̀ rárá, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni."

Ẹni tó bá mọ ìdánwò yẹn á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ni ọmọ yìí sọ. Ìbéèrè 180 ni, 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù, wákàtí méjì péré sì ni. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Lórí kọ̀ǹpútà, ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ láti inú iṣẹ́ tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fi ẹ̀rọ dánra wò lábẹ́ aago á kàn máa bá a lọ bó ṣe wà níwájú rẹ̀. Fóònù lè ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kì í ṣe òun ló gba kẹ́mísìrì lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́sìn tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi dandan lé tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ nǹkan sára pátákó láti àárọ̀ dọ̀sán, kò ní yanjú ọ̀rọ̀ aago.

Ìmọ̀ràn wá dé báyìí, nínú ìwé kẹta:

"Ìyẹn yàtọ̀ sí ohun tí mo rò o. Ó dáa tí o sọ ọ́. Ó dà bíi pé aago ló ṣẹ́gun ẹ níbẹ̀ ju ìwé lọ. Tí wọ́n bá ń fi kọ̀ǹpútà dánra wò nítòsí yín, mo lè san ti oṣù kan, kí o fi wò ó bóyá kẹ́mísìrì máa gòkè tí o bá fi í bẹ̀rẹ̀. Ní ti ọdún yìí, 187 kò wọ Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, 200 ni wọ́n ń béèrè, ṣùgbọ́n ó ju 150 tí JAMB fi lélẹ̀ fún yunifásítì. O lè wá ibòmíì pẹ̀lú kọ́ọ̀sì míì, o sì lè dúró kí o tún un ṣe fún ìṣègùn. Mi ò mọ èyí tí o lè fara dà jù, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Èwo ló wà lọ́kàn ẹ?"

Ìwé yìí kò rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ nípa òótọ́. Ó sọ fún ọmọ gbangba pé Ìbàdàn kò ṣeé ṣe lọ́dún yẹn, ohun tí ìwé àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ dárúkọ. Ìyàtọ̀ wà nínú ẹni tí gbólóhùn ń dá lẹ́bi. Nínú èyí àkọ́kọ́, "o ò gbọ́", "o gbọ́dọ̀", "kí o yéé": àbúrò ni wọ́n ń tọ́ka sí. Nínú ìkẹta, aago ló ṣẹ́gun, 187 ni kò wọ Ìbàdàn. Níbi tí wọ́n ti padà dárúkọ ọmọ, bí ẹni tó ní ìmọ̀ ni: ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n náà gbé nǹkan kan lé orí ara rẹ̀, owó oṣù kan. Ìmọ̀ràn tó wá pẹ̀lú ohun tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ ṣe máa ń rọrùn gbọ́ ju èyí tó kó gbogbo iṣẹ́ lé àbúrò lọ́wọ́. Àmọ́ kí ẹ̀gbọ́n má ṣèlérí owó tí kò ní o. Ìyẹn tún burú ju ìbáwí lọ.

Ohun kékeré kan tún wà tí àwọn ẹ̀gbọ́n kì í fiyè sí, ìyẹn ni bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ. Ọmọ tí wọ́n ń pe oríkì rẹ̀ nílé, Àkànní tàbí Àjọkẹ́, tó wá rí orúkọ rẹ̀ ní kíkún, pẹ̀lú orúkọ bàbá, lókè ìwé, ti mọ̀ pé ẹjọ́ ti délẹ̀ kó tó ka ìyókù. Èyí tó tún burú jù ni kí ẹ̀gbọ́n máa fi "ẹ" bá àbúrò sọ̀rọ̀ nítorí ẹ̀gàn: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ṣáà máa jókòó ti fóònù yín." Àwàdà ni lójú ẹni tó kọ ọ́. Lójú ẹni tó kà á, wọ́n ti lé e jáde kúrò nínú ẹbí fún ọjọ́ yẹn.

Àwàdà lórí fóònù léwu ju bí a ṣe rò lọ. Ní 2005, Justin Kruger, Nicholas Epley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi gbólóhùn ránṣẹ́ síra wọn, àwọn kan jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, àwọn kan jẹ́ yẹ̀yẹ́. Àwọn tó kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà rò pé ẹni tó kà á á mọ̀ ọ́n ní ìgbà 78 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbà 56 péré ló mọ̀ ọ́n, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju kéèyàn máa ju owó ẹyọ sókè lọ. Nígbà tí wọ́n fi ohùn sọ ọ́, ó di 73. Ẹni tó ń kọ̀wé ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú orí bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó sì rò pé ohùn náà tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ gbé "Kí ló dé?" yẹ̀ wò. Tí wọ́n bá fà á díẹ̀ pẹ̀lú ohùn tútù, ìkẹ́ ni. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù láìsí ohunkóhun tó tẹ̀ lé e, ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ ọba ló jọ. Nítorí náà, ìwé àkọ́kọ́ nínú àpẹẹrẹ wa, ti "ṣé o ti jẹun?", ohùn ló dáa jù fún un. Ìkẹta, tó ní iye máàkì àti orúkọ ilé ẹ̀kọ́, ìwé ló yẹ ẹ́, kí ọmọ lè padà kà á. Kí ẹ̀gbọ́n sá fún ohùn oníṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹni tó ń gbọ́ ọ kò lè dá a dúró láti fèsì, ó sì máa ń di ìwàásù láàárín ìṣẹ́jú kejì.

Gbogbo èyí ní ibi tó mọ. Ká ní àbúrò kọ ọ́ pé ẹnì kan wà tó ní òun lè fi kún máàkì JAMB rẹ̀ tó bá san owó. Kò sí pé ká kọ́kọ́ béèrè bó ṣe rí i, kò sí Sátidé. JAMB ti ń kìlọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ pé kò sí ẹni tó lè ṣe é, gbájú-ẹ̀ ni. Ohun tí ẹ̀gbọ́n máa kọ ni: "Má san owó yẹn. Gbájú-ẹ̀ ni. Pè mí báyìí." Àṣẹ ni, ó sì kún fún ìfẹ́, nítorí kò ní ìtàn àtẹ̀yìnwá kankan nínú. Ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n fi "ìwọ náà, ṣé o ò lè ronú ni?" kún un. Gbólóhùn yẹn nìkan tó láti mú kí ọmọ fi ohun tó bá tún kàn pamọ́.

Báwo wá ni ẹ̀gbọ́n ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun wọlé? Kó má wo ìdúpẹ́. Kó wo bóyá àbúrò sọ ohun tí wọn ò bi í. Nínú àpẹẹrẹ wa, tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìwé kẹta ọmọ kọ ọ́ pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, báọ́lọ́jì náà ò yé mi tó bí mo ṣe sọ fún Màmá", nǹkan ti ṣí. Ìbéèrè náà jẹ́ àmì tó dáa: "Ṣé ilé ìdánrawò náà máa ń ṣí ní Sátidé?" Bó bá jẹ́ "Ẹ ṣé mà" nìkan ló tún wá, kí ẹ̀gbọ́n má kọ ìwé kẹrin. Kó dúró di ọjọ́ míì, kó bi í lórí ohun tí kò jẹ mọ́ JAMB.

Ẹ̀gbọ́n tó ti fi ìwé àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ ńkọ́? Kó má pa á rẹ́; àbúrò ti kà á, ó sì lè ti fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kó kọ ìwé kúkúrú: "Ohun tí mo kọ lọ́jọ́ Ẹtì, mo kọ ọ́ kí n tó bi ẹ́ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú." Ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n ló máa ń ṣòro fún láti kọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn sí ọmọ tí wọ́n pọ̀n dàgbà. Tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, wọ́n á fẹ́ fi "ṣùgbọ́n" kún un, kí wọ́n tún ti lẹ́sìn bọ̀ ọ́ láàárín. Kí wọ́n dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ lẹ́sìn lè dúró di Sátidé.